Bí Ebi Ṣe Ń Mú Kí Ọkàn Sáré, Tó sì Ń Mú Kó Fà

Ẹni tó bá pa ẹ̀bà, iyán àti ìrẹsì tì lójijì láti lè fọn máa ń sọ láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní pé àyà òun ń lù kìkì bí òun bá dìde. Bí oúnjẹ bá wá kéré fún oṣù mélòó kan, ọkàn ẹni yẹn kan náà lè máa lù díẹ̀díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tó fa èkíní yàtọ̀ sí ohun tó fa èkejì.

Ara máa ń kó ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, omi tó tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ṣúgà náà sì máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí oúnjẹ oníṣítáàṣì bá dáwọ́ dúró, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ná ìpamọ́ yìí, omi inú rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ lọ. Ínsúlíìnì inú ẹ̀jẹ̀ náà á lọ sílẹ̀, kíndìnrín á sì máa da iyọ̀ nù. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n fi ń fi ẹ̀dín kílò méjì tàbí mẹ́ta hàn kíákíá: omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá.

Ká ní ìyá kan ti ń jẹ ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ nìkan fún ọjọ́ mẹ́rin, tó sì tún dín iyọ̀ kù. Ní àárọ̀, ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ níbi àtàǹpàkò, ó sì ka lílù rẹ̀: 72 ní ìṣẹ́jú kan. Ó dìde, ó dúró fún ìṣẹ́jú méjì, ó tún un kà: 106. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín kù nínú iṣan, èyí tó kù sì sọ̀ sí ẹsẹ̀ nígbà tó dìde, nítorí náà ọkàn ní láti sáré kí ẹ̀jẹ̀ tó lè dé ọpọlọ. Bí àlékún náà bá tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí òòyì sì ń kọ́ni, ó ṣeé ṣe kí omi àti iyọ̀ ti dín kù jù. Ọbẹ̀ tó níyọ̀ díẹ̀ àti omi lè tó fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀, gbọ́dọ̀ rí dókítà rẹ̀ kó tó yí oúnjẹ padà, torí ó lè jẹ́ ìwọ̀n oògùn náà ló yẹ kó dín kù.

Ti alátọ̀gbẹ tó ń lo ínsúlíìnì tàbí àwọn oògùn oníhóró kan tún yàtọ̀. Àyà tirẹ̀ lè lù kìkì lórí ìdùbúlẹ̀, pẹ̀lú òógùn àti ọwọ́ gbígbọ̀n. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà kankan kó tó mu omi ṣúgà tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà.

Ní ti ọkàn tó ń fà, ibi tí a ti rí i kedere jù ni Yunifásítì Minnesota ní 1945. Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dín oúnjẹ ọkùnrin 36 kù fún ọ̀sẹ̀ 24. Àwọn ọkùnrin náà ti kọ̀ láti gbé ohun ìjà lójú ogun, wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn. Búrẹ́dì, ànàmọ́ òyìnbó àti makaróní wà nínú oúnjẹ wọn, àmọ́ kò tó. Lílù ọkàn wọn nígbà ìsinmi lọ sílẹ̀ láti bíi 55 sí bíi 35 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ rí i pé wọ́n ń jẹ ṣítáàṣì. Àìtó oúnjẹ fúnra rẹ̀ ló fà á. Ara tí kò rí oúnjẹ tó máa ń dín ìnáwó kù: omi ara tó ń ti ọ̀fun wá láti mú ara gbóná á dín kù, iṣan ọpọlọ tó ń fa ìjánu ọkàn á le sí i, ẹran ọkàn náà á sì fọn.

Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni máa yọ̀ sí irú lílù bẹ́ẹ̀, kó ní òun ti dà bí eléré ìdárayá. Ọkàn eléré ìdárayá lè lù ní 50, kó sì gun òkè láìmí hẹlẹ. Òtútù ló máa ń mú ẹni tí ebi sọ di bẹ́ẹ̀, àárẹ̀ sì máa ń mú un lórí àtẹ̀gùn. Bí ó bá dákú, tàbí tí lílù náà ń fò, tó ń ṣe ségesège, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wo pòtásíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gígùn lórí òkè àdúrà ni mo ń bẹ̀rù fún jù, pàápàá lọ́jọ́ ìṣínu. Bí ó bá ti lé lọ́jọ́ márùn-ún tí kò jẹ nǹkan kan gidi, òkìtì iyán lè ṣe é ní jàǹbá. Ínsúlíìnì á gòkè lójijì, á sì kó fọ́sífétì àti pòtásíọ̀mù láti inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ara, nígbà tí ìpamọ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìlànà àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí oúnjẹ má ju ìdajì ohun tí ara nílò lọ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́wàá kò gbọ́dọ̀ dá a ṣínu nílé. Ibi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni kó ti ṣe é. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí ọkàn bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tí ẹsẹ̀ wú, tí èémí sì ṣòro, kí wọ́n gbé e lọ láìdúró di àárọ̀.