Nígbà tí Ọfà Mẹ́rin Bá Ń Lé Ara Wọn Kiri: Bí Olùkọ́ Ṣe Ń Máàkì Àwòrán Sákíìtì

Ìbéèrè kan kì í pẹ́ tún yọjú nínú ìdánwò ẹlẹ́kítírọ́níìsì. Wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ya sákíìtì tó ń sọ iná ilé di irú iná tí rédíò ń lò. Iná ilé máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti rédíò gbọ́dọ̀ máa ṣàn gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa yà kò pọ̀: tiransifọ́mà kan, dáyóòdù mẹ́rin, kapásítọ̀ kan, àti rẹsísítọ̀ tó dúró fún rédíò. Ìdajì ojú ewé gbà á. Síbẹ̀ ó lè gba olùkọ́ tó fẹ́ máàkì rẹ̀ bó ṣe yẹ ní àkókò ju ojú ewé àlàyé kan lọ, nítorí pé ọfà kan tó kọ ẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí ti tó láti dá gbogbo iṣẹ́ náà dúró.

Olùkọ́ tí iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé máa ń ṣí àwòrán inú ìwé síwájú ara rẹ̀, á wá máa fi ti akẹ́kọ̀ọ́ wé e. Ọ̀nà yìí máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gbé tiransifọ́mà sí ọwọ́ ọ̀tún dípò òsì, kí àwòrán rẹ̀ má jọ ti ìwé rárá, kí gbogbo ìsopọ̀ rẹ̀ sì pé. Òmíràn lè fi rúlà fa ìlà tó mọ́ tónítóní, kí ó sì jẹ́ pé bí èèyàn bá so ohun tó yà yẹn mọ́ iná, sọ́ọ̀tì ni yóò fà.

Nítorí náà, ẹnu bírò ni olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi ń tọ ipa iná. Á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu kan tiransifọ́mà, á gba inú dáyóòdù tí ọfà rẹ̀ bá gbà á láyè, á sì máa lọ títí tí yóò fi padà sí ẹnu kejì. Ohun méjì ló ń wò lójú ọ̀nà: ṣé iná rí ibi gbà, àti pé ṣé ó gba inú rédíò kọjá kó tó padà sílé. Bí kò bá rí ibi gbà, rédíò kò ní sọ̀rọ̀. Bí ó bá padà láì kan rédíò, nǹkan yóò jó.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìwé ìdáhùn kan tí àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ wà nínú rẹ̀, kí á sì máàkì rẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún.

Iná 230V ló wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yà sójú ọ̀nà rẹ̀ ni àpótí gbọọrọ kan tí inú rẹ̀ ṣófo, ó sì kọ “fíúsì” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú ìlànà àmì tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, èyí tí wọ́n ń pè ní IEC 60617, rẹsísítọ̀ ni àpótí tí inú rẹ̀ ṣófo. Ti fíúsì ni èyí tí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmì ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣì, kò ṣi ipò. Orúkọ tó kọ fi hàn pé ó mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí fíúsì wà. Máàkì àmì ló yẹ kó pàdánù, kí ti ìsopọ̀ dúró fún un.

Lápá ọ̀tún, ó fi ìlà kọ́lọkọ̀lọ ya rẹsísítọ̀ tó dúró fún rédíò. Bírò pupa kò níṣẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya rẹsísítọ̀ ní Amẹ́ríkà nìyẹn, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ń kà. Olùkọ́ lè gbà á nímọ̀ràn pé kó má máa da ìlànà méjì pọ̀ nínú àwòrán kan, àmọ́ àmì náà tọ̀nà.

Tiransifọ́mà rẹ̀ jẹ́ wáyà wíwé méjì tó kọjú síra wọn, tí kò sí ohunkóhun láàárín wọn. Ìlà tó yẹ kó wà láàárín wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ló ń sọ pé irin ni wọ́n wé wáyà náà mọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ohun tí àwòrán ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ lásán ló wà láàárín, irú èyí tó wúlò fún ìgbì rédíò tó ń yára gan-an. Iná ilé tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 nílò irin.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni dáyóòdù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ètò yìí ti pẹ́: Karol Pollak, ọmọ ilẹ̀ Poland, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n máa ń ya dáyóòdù mẹ́rin náà sórí igun mẹ́rin bíi ti káàdì dáyámọ́ńdì. Igun òkè àti igun ìsàlẹ̀ ni iná tiransifọ́mà ń gbà wọlé. Igun ọ̀tún ni ẹnu pọ́sítíìfù, igun òsì sì ni nẹ́gétíìfù. Àmì dáyóòdù jẹ́ onígun mẹ́ta tó fi ṣóńṣó orí kan ìlà kan, ìhà tí ṣóńṣó náà kọjú sí nìkan ni iná lè gbà.

Láti mọ̀ bóyá ó tọ̀nà, olùkọ́ kò ní láti há ohunkóhun sórí. Bí pọ́sítíìfù bá wà ní ọ̀tún, ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dorí kọ ìhà ọ̀tún: méjì kúrò ní igun òsì, ọ̀kan lọ sí òkè, ọ̀kan lọ sí ìsàlẹ̀, méjì yòókù kúrò ní òkè àti ìsàlẹ̀ lọ pàdé ní igun ọ̀tún. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò yà á bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí àwọn ọfà máa lé ara wọn yípo: òkè sí ọ̀tún, ọ̀tún sí ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ sí òsì, òsì sí òkè. Ó dùn ún wò, àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń yà á báyìí.

Ẹ fi bírò tọ̀ ọ́. Nígbà tí igun òkè bá jẹ́ pọ́sítíìfù, iná kúrò lókè lọ sí ọ̀tún, láti ọ̀tún ó bọ́ sí ìsàlẹ̀, ó ti padà sínú tiransifọ́mà nìyẹn. Kò kan rédíò rárá. Nígbà tí iná bá yí padà tí ìsàlẹ̀ di pọ́sítíìfù, ó gba òsì, ó gòkè, ó tún padà sílé. Sọ́ọ̀tì ni lọ́tùn-ún, sọ́ọ̀tì ni lósì. Dáyóòdù 1N4007 tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kò ju ámpì kan lọ ní ìgbà gbogbo, iná tó sì máa gba inú rẹ̀ báyìí máa jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí fíúsì kò bá tètè jó, dáyóòdù tàbí wáyà inú tiransifọ́mà ni yóò gbóná títí yóò fi bàjẹ́. Àwọn dáyóòdù méjì tó wà lókè ló tọ̀nà. Àwọn méjì ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ó yí padà.

Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, torí àṣìṣe ńlá lè bo òmíràn mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ó ti yí dáyóòdù méjèèjì padà, kí á sì tún ọ̀nà tọ̀. Igun òsì wà láàárín wáyà méjì tó ti ara tiransifọ́mà wá, nítorí náà wáyà nẹ́gétíìfù tó ń ti ibẹ̀ lọ sábẹ́ rédíò gbọ́dọ̀ gba orí ọ̀kan nínú wọn kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí fi àmì dúdú róbótó síbi tí wọ́n ti kọjá lára wọn. Ìtumọ̀ àmì yẹn ni pé wáyà méjèèjì so pọ̀. Igun òsì ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú igun ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ìgbàkigbà tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ pọ́sítíìfù, iná yóò gba inú dáyóòdù kan ṣoṣo láti òsì lọ sókè, yóò sì padà sínú tiransifọ́mà láì kan rédíò. Àmì róbótó kan ló fa sọ́ọ̀tì tuntun.

Nígbà mìíràn, olùkọ́ kò ní mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì síbẹ̀ ni, àbí bírò rẹ̀ ló ta tádàáwà sílẹ̀. Ìyókù àwòrán ló yẹ kó wò. Bí àmì róbótó bá wà ní gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀, a jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó ń lò ó fún, èyí náà yóò sì ní ìtumọ̀. Bí kò bá lò ó níbòmíràn, ibi tí wáyà kan ti fi orí sọ òmíràn lára láì kọjá ni ká kà sí ìsopọ̀, kí á ka ibi tí méjì ti kọjá lára wọn sí pé wọn kò kan ara wọn.

Ó ku kapásítọ̀, tó ń tọ́jú iná pamọ́ kó lè máa fún rédíò nígbà tí agbára bá ń lọ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé e sójú ọ̀nà, láàárín igun ọ̀tún àti rédíò, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá. Àmọ́ iná tó ń ṣàn gba ọ̀nà kan kì í la kapásítọ̀ kọjá. Yóò kún, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan yóò dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rédíò ló yẹ kó wà, ẹnu kan lára wáyà pọ́sítíìfù, ẹnu kejì lára nẹ́gétíìfù, kí àmì + rẹ̀ sì wà lókè. Bí + bá bọ́ sí ìsàlẹ̀, irú kapásítọ̀ yìí lè gbóná kó sì bẹ́.

Ó kọ 1000 µF, 16V síbẹ̀, nítorí ó rí 12V lára tiransifọ́mà. Ṣùgbọ́n 12V yẹn kì í ṣe góńgó iná. Góńgó rẹ̀ ni 12 lọ́nà 1.414, ìyẹn nǹkan bí 17V. Dáyóòdù méjì ni iná ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yọ nǹkan bí 0.7V. Ó ku nǹkan bí 15.6V lẹ́nu kapásítọ̀. Kapásítọ̀ 16V kò ní àyè kankan láti mí bí iná ilé bá gbé sókè díẹ̀. 25V ló yẹ.

Bí a bá wá ń pín máàkì, ẹ̀ṣẹ̀ kan kò yẹ kó gba ìjìyà méjì. Bí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e bá ní kí ó ṣírò iye fóòtì tó dé ọ̀dọ̀ rédíò, tó sì ṣe é bó ṣe yẹ, kí olùkọ́ fún un ní máàkì ìṣirò náà, nítorí ó ti sanwó àwòrán níbi àwòrán. Kíkọ “kò tọ̀nà” lásán kò sì ní ràn án lọ́wọ́. Ọfà pupa kékeré lójú ipa tí iná gbà padà láì kan rédíò yóò fi ibi tí ó ti ṣìnà hàn án. Ìwé ìdáhùn yìí nílò àtúnṣe mẹ́fà: ìlà sínú fíúsì, ìlà sáàárín tiransifọ́mà, kí dáyóòdù méjì ìsàlẹ̀ yí padà, kí àmì róbótó kúrò, kí kapásítọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rédíò, kí 16V sì di 25V. Kò sí ohun èlò tuntun kankan tí ó máa fi kún un, gbogbo ohun tí sákíìtì náà nílò ló ti wà lórí ìwé.