Ìwé Ẹ̀rí Bááṣì: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Olùtà Gbà Lọ́wọ́ Alágbàtà Kí Oògùn Olómi Ọmọdé Tó Dé Orí Àtẹ

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún àwọn tí ń ta oògùn ní Ìjọrà, Apápá àti Ajégúnlẹ̀, yálà alátapọ̀ tí ń ta páálí páálí ni tàbí oníkẹ́mísítì tí ń ta ìgò kọ̀ọ̀kan. Oògùn olómi àwọn ọmọdé nìkan ni ó dá lé lórí, ìyẹn oògùn ikọ́, oògùn ibà àti oògùn eyín, nítorí pé irú oògùn yìí tí kẹ́míkà olóró wọ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní àdúgbò tí ó sún mọ́ èbúté, ó rọrùn kí olùtà gbà pé oògùn tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ti fi sílẹ̀ ní Apápá kò tún ní ohun tí ẹnikẹ́ni ń wádìí nínú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n owó ibodè àti irú ẹrù ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń wò, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú omi oògùn.

Ìwé méjì ni ó ṣe kókó, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Èkíní ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Ìwé yìí ń sọ pé àjọ náà mọ oògùn náà, ó mọ ẹni tí ó ń ṣe é, ó sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. Èkejì ni ìwé àbájáde àyẹ̀wò bááṣì. Bááṣì ni gbogbo ìgò tí ilé-iṣẹ́ pò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú àgbá kan náà, tí wọ́n sì fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sàmì sí. Nọ́ńbà NAFDAC kì í yí padà láti bááṣì dé bááṣì, nítorí náà kò lè sọ ohunkóhun nípa àgbá tí wọ́n pò lóṣù tó kọjá. Ìwé bááṣì nìkan ni ó lè sọ ọ́, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ olùtà kì í béèrè.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2008 fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ilé-iṣẹ́ Barewa ní Èkó ń ṣe oògùn eyín ọmọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Pikin. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ prọ́pílìn gíláíkọ̀, omi tí ó máa ń dùn díẹ̀ lẹ́nu, tí wọ́n fi ń tú èròjà oògùn kí ó lè pò pọ̀ dáadáa. Lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan tí kò ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ti ra omi náà ní Èkó, ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ ni dáyẹ́tílìn gíláíkọ̀, kẹ́míkà tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, tí owó rẹ̀ kéré, tí àwọ̀ àti adùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti èkejì. Kídìnrín ni ó máa ń bà jẹ́: ọmọ á máa bì, ara rẹ̀ á gbóná, lẹ́yìn náà ìtọ̀ rẹ̀ á dá. Ọmọ 84 ni ìròyìn ìṣègùn sọ pé ó kú. Irú ikú yìí kan náà ti ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn àti Jọ́ọ̀sì ní 1990, èyí tí ó mú kí ti 2008 túbọ̀ dunni. Ní 2013 ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà méjì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7.

Ojú, imú àti ahọ́n kò lè ya omi méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀rọ inú ilé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè ṣe é. Nítorí náà, ìwé ni olùtà lè fi ríran, ó sì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ti ń kà á. Bí àpẹẹrẹ, kí a ní alágbàtà kan gbé páálí oògùn ikọ́ wá sí Ìjọrà, tí ara ìgò rẹ̀ sì sọ pé wọ́n ṣe é ní oṣù kẹta ọdún 2025. Olùtà yóò kọ́kọ́ fi nọ́ńbà bááṣì ara ìgò wé ti ara páálí, yóò sì fi méjèèjì wé ti inú ìwé, lẹ́tà sí lẹ́tà. Lẹ́yìn náà yóò wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò: bí ìwé bá sọ pé oṣù kìíní ọdún 2025 ni, a jẹ́ pé wọ́n yẹ oògùn wò kí wọ́n tó pò ó, ìwé bááṣì mìíràn ni wọ́n sì tún nọ́ńbà rẹ̀ kọ. Yóò tún wá ìlà tí ó sọ̀rọ̀ nípa dáyẹ́tílìn gíláíkọ̀ nínú ìwé náà. Òṣùwọ̀n tí àgbáyé gbà fún prọ́pílìn gíláíkọ̀ àti gílísárììnì ni pé kẹ́míkà olóró yìí kò gbọdọ̀ ju 0.10 nínú 100 lọ, ìyẹn gíráàmù kan ṣoṣo nínú kílò kan. Ìwé tí ó bá kọ iye tí wọ́n rí sílẹ̀ sàn ju èyí tí ó kàn kọ ọ́ pé ó dára lọ. Bí ìlà yẹn kò bá sí níbẹ̀ rárá, èyí tí ó wọ́pọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí pé ìwé náà jẹ́ ayédèrú, nítorí pé ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ń ṣe àyẹ̀wò náà lórí omi tí wọ́n rà, kì í ṣe lórí oògùn tí wọ́n ti pò. Nígbà náà, ìwé àyẹ̀wò omi náà ni kí alátapọ̀ ní kí wọ́n bá òun gbà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́.

Lórí ìwé omi yìí, orúkọ ẹni tí ó ṣe é gan-an ni ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó tà á. Ní Pánámà ní 2006, dáyẹ́tílìn gíláíkọ̀ tí wọ́n pè ní gílísárììnì ti Ṣáínà wá, ó gba ọwọ́ oníṣòwò ní Sípéènì, ó sì wọ inú oògùn ikọ́ tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìwé ń bá a rìn ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ọjà ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ni wọ́n ń tún ìwé náà tẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é kúrò, títí tí kò fi sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti wá mọ́.

Kò sí ìwé tí ó kọjá ayédèrú, nítorí náà ó yẹ kí olùtà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbi tí alágbàtà kò lè dé. Kí ó wá orúkọ oògùn náà ní greenbook.nafdac.gov.ng, níbi tí NAFDAC ń to àwọn oògùn tí ó ti forúkọ sílẹ̀ sí, kí ó sì fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó bá níbẹ̀ wé ti ara ìgò. Bí ó bá fẹ́ pe ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà tí ó wá fúnra rẹ̀ ni kí ó pè, kì í ṣe èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé tí ó ń wádìí. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé oníkẹ́mísítì tí ó ra ìgò 12 ní Ìdúmọ̀tà lè má rí ẹni tí yóò dá a lóhùn bí ó bá béèrè ìwé bááṣì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù alátapọ̀ gbà wò, èyí tí ìgbìmọ̀ PCN tí ń mójú tó àwọn apòògùn ń fúnni, ó sì lè ní dandan kí wọ́n kọ nọ́ńbà bááṣì sórí rísíìtì òun.

Rísíìtì tí ó ní nọ́ńbà bááṣì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe lẹ́yìn tí ọjà bá ti délé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NAFDAC pàṣẹ pé kí wọ́n kó oògùn ikọ́ ọmọdé Bẹ́nílìnì, tí bááṣì rẹ̀ jẹ́ 329304, tí wọ́n ṣe ní Gúúsù Áfíríkà, kúrò lórí àtẹ, ó ní àyẹ̀wò òun fi hàn pé dáyẹ́tílìn gíláíkọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù. Oògùn tí ó lórúkọ ni, bááṣì kan ṣoṣo ni ìkìlọ̀ náà sì kàn. Ẹni tí rísíìtì rẹ̀ ní nọ́ńbà lè mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá òun rà nínú rẹ̀ àti lọ́wọ́ ẹni tí òun ti rà á.

Bí ìwé kò bá bá ìgò mu, kí olùtà ya páálí náà sọ́tọ̀, kí ó kọ ọ́ sí i lára pé kì í ṣe títà, kí ó sì fi tó NAFDAC létí pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé àti rísíìtì. Kò dára kí ó dá a padà fún alágbàtà kí àjọ náà tó gbọ́, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Ajégúnlẹ̀ tàbí Bàdíyà ni yóò gbé e lọ.