Fóltì Kan fún Bátìrì Mẹ́ta: Ìṣirò Millman

Bí a bá so pósítíìfù bátìrì ínfátà mẹ́ta pọ̀ sójú kan, tí a sì so négétíìfù wọn pọ̀ sójú kan, fóltì kan ṣoṣo ni mítà máa kà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí fóltì tí kálukú ní tẹ́lẹ̀ bá tilẹ̀ yàtọ̀ síra. Ní ọdún 1940, Jacob Millman, onímọ̀ iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà, tẹ ọ̀nà kan jáde tí a lè fi mọ fóltì náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì méjì tó ṣì dára àti ọ̀kan tó ti gbó. Èkíní jẹ́ fóltì 12.8, èkejì 12.6, èyí tó gbó jẹ́ 11.8. Ìdènà wà nínú bátìrì kọ̀ọ̀kan tó ń dín iná tó ń ṣàn kù: óòmù 0.02 nínú àwọn méjì àkọ́kọ́, óòmù 0.05 nínú èyí tó gbó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ro fóltì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á pín in sí mẹ́ta, wọ́n á ní 12.4 ni. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí bátìrì tí ìdènà rẹ̀ kéré ló ń fa fóltì àjọní sọ́dọ̀ ara rẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí Millman fi pín fóltì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdènà tirẹ̀ kó tó rò wọ́n pọ̀:

V = (E1/R1 + E2/R2 + E3/R3) / (1/R1 + 1/R2 + 1/R3)

E ni fóltì bátìrì, R ni ìdènà inú rẹ̀. Lókè, 640 + 630 + 236 jẹ́ 1506. Nísàlẹ̀, 50 + 50 + 20 jẹ́ 120. Bí a bá fi 120 pín 1506, fóltì 12.55 ló máa jáde.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ó tọ́? Iye iná tó wọ ojú ìsopọ̀ gbọ́dọ̀ bá iye tó jáde mu. Bátìrì èkíní ń tú ámpíà 12.5 jáde, èkejì ń tú 2.5, èyí tó gbó sì ń gba 15. Wọ́n dọ́gba. Bí a bá lo 12.4, ámpíà 30 ni àwọn méjì máa tú jáde, ẹ̀kẹta á sì gba 12 péré. 18 tó kù kò níbi tó máa gbà.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí wọn náà kò le. Bí ìdènà rẹ̀ bá jẹ́ óòmù 0.2, kò ní fóltì tirẹ̀, nítorí náà òkè kò yí padà. 5 nìkan ló kún ti ìsàlẹ̀. 1506 tí a fi 125 pín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 12.05. Síbẹ̀ bátìrì tó gbó ṣì ń gba nǹkan bí ámpíà 5 lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Bí wọ́n bá so bátìrì kan lódìkejì, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú fóltì rẹ̀. Ìṣirò yìí kò sì ṣeé lò bí ẹ̀ka kan kò bá so mọ́ ojú méjèèjì kan náà bíi tàwọn yòókù.

Bí fóltì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba kí a tó so wọ́n, fóltì yẹn gan-an ni V máa jẹ́, láìka ìdènà sí, bátìrì kankan kò sì ní fa iná lára èkejì. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gba bátìrì kọ̀ọ̀kan lẹ́nu àjààjì títí á fi kún, kí ẹ fi mítà wò wọ́n, kí ẹ tó so wọ́n pọ̀.