Bàtà Tó Yẹ Ẹni Tó Ń Gbé Irin

Ẹni tó gbé irin 100 kílò lé èjìká, tó lóṣòó, tó sì fẹ́ dìde, ilẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ tì. Bàtà eré sísá ní fóòmù rírọ̀ tó nípọn ní gìgísẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo, fóòmù yìí á tẹ̀ wọlé, kì í sì í sábà tẹ̀ dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ kan á rì ju èkejì lọ, ọrùn ẹsẹ̀ á yẹ̀, orúnkún á sì fẹ́ wọnú. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn yín, kó wo gìgísẹ̀ bàtà náà bí ẹ ṣe ń lóṣòó. Bó bá ń dà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ bọ́ ọ.

Kánfáásì pẹlẹbẹ, tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, dára jù ú lọ fíìfíì. Bàtà àwọn agbérin Òlíńpíìkì tún yàtọ̀: gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, àmọ́ ó le gan-an. Gíga yẹn ń ran ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tẹ̀ dáadáa lọ́wọ́ láti lóṣòó jinlẹ̀ láìdoríkodò.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi sáré. Nínú eré, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, agbára tó sì ń dé bá a lè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara. Fóòmù tó ń da agbérin láàmú gan-an ló ń dín ipá yẹn kù fún eléré. Ìsàlẹ̀ líle kì í dín in kù, bàtà agbérin kì í sì í tẹ̀ dáadáa níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀. Sísáré díẹ̀ láti mú ara gbóná kò burú nínú kánfáásì, àmọ́ kìlómítà 5 ń fẹ́ bàtà mìíràn.