Ẹnu Òṣèré Ti Pa Dé, Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Kò Tíì Dé Etí

Ẹ̀sùn méjì ni àwọn tó ń fi íapọ́ọ̀dù wo fíìmù lórí fóònù sábà máa ń mú wá. Àwọn kan ní ohùn ń já: á máa sọ̀rọ̀ lọ, á dákẹ́ lójijì, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ohùn ń pẹ́: òṣèré á ti pa ẹnu rẹ̀ dé kí ọ̀rọ̀ tó sọ tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní Bulutúùtù ni kò dára. Ṣùgbọ́n pípẹ́ ohùn ni owó tí wọ́n ń san kí ohùn má baà máa já. Ẹni tó bá mọ èyí ni yóò mọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Fóònù kì í fi ohùn ránṣẹ́ bó ṣe wà. Ó máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, á fún un pọ̀ kó má baà wúwo, á wá fi ìgbì rédíò jù ú sí íapọ́ọ̀dù. Íapọ́ọ̀dù náà kì í sì í sọ ọ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí omi ẹ̀rọ kì í yọ déédéé nílé rẹ̀ yóò tètè lóye ìdí rẹ̀: ẹ ó pọn omi sínú dúróọ̀mù, inú dúróọ̀mù ni ẹ ó sì ti máa bù ú, kí ẹ̀rọ lè dáwọ́ dúró díẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀ nínú ilé. Íapọ́ọ̀dù ní dúróọ̀mù tirẹ̀. Bí ìgbì bá dí fún ìgbà díẹ̀, ohun tó ti pamọ́ ni á máa sọ. Bí ìdíwọ́ náà bá pẹ́ ju ohun tó pamọ́ lọ, ohùn á já.

Ohun tó wà nínú dúróọ̀mù ti pẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ohùn tí ẹ ń gbọ́ ti kúrò nínú fóònù ṣáájú. Lórí ọ̀pọ̀ íapọ́ọ̀dù, àpapọ̀ ìfúnpọ̀, ìrìnàjò àti ìpamọ́ yìí lè tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ ITU, tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, sọ pé ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ohùn tó pẹ́ lẹ́yìn àwòrán bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 125 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ rí i pé ó ti kọjá ààlà.

Kí ló wá dé tí fíìmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì fi máa ń bá ohùn mu fún ọ̀pọ̀ ènìyàn? Áàpù tó ń fi fíìmù hàn máa ń béèrè lọ́wọ́ fóònù pé báwo ni ohùn yóò ṣe pẹ́ tó, á sì dá àwòrán dúró fún ìwọ̀n àkókò náà. Bí íapọ́ọ̀dù bá sọ iye tí kì í ṣe òótọ́, bí àwọn olówó pọ́ọ́kú kan ti ń ṣe, àwòrán á ṣáájú. Nínú VLC, ẹ lè fi ọwọ́ tún un ṣe níbi tí wọ́n kọ `Audio delay` sí: ẹ fi iye tó ní àmì ìyọkúrò síbẹ̀, bíi `-200 ms`, kí ohùn lè yá sí i. Géèmù ni kò ṣeé tún ṣe báyìí, nítorí kò sẹ́ni tó lè dá ìka ẹ̀yin tó ń ta á dúró.

Ohùn tó ń já ní ìtàn tirẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kàwé ní Àkọkà ló sì jẹ́ kí n tọpa rẹ̀. Ó ní, "Ańtí, ẹ̀ẹ́ rí i pé ó ń já lójú títì ju inú ilé lọ, bẹ́ẹ̀ inú àpò mi ni fóònù wà." Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ̀ bóyá dátà ló fa á. Bí dátà bá dí, àwòrán náà á dúró, àmì róbótó á máa yí lójú fóònù. Bí àwòrán bá ń lọ ní tirẹ̀ tí ohùn nìkan ń gé, Bulutúùtù ni. Àwòrán tirẹ̀ ń lọ.

Àpò ẹ̀yìn lápá òsì ni ó máa ń fi fóònù sí, íapọ́ọ̀dù apá ọ̀tún ló sì ń já jù. Ìgbì Bulutúùtù wà láàárín mẹ́gáhátìsì 2402 sí 2480, omi tó kún inú ẹran ara wa sì máa ń gbé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ mì. Ìgbì tó ti ìdí òsì jáde gbọ́dọ̀ la ara kọjá kó tó dé etí ọ̀tún. Nínú yàrá, ògiri àti àjà á dá ìgbì náà padà, á gba ibòmíràn dé etí. Lójú títì tó là gbayawu, kò sí ògiri tó máa dá a padà. Ìdí nìyẹn tí ìta gbangba fi burú ju inú yàrá lọ, èyí tó ya ọmọbìnrin náà lẹ́nu gan-an. Ó gbé fóònù sí àpò iwájú lápá ọ̀tún, ohùn sì dúró. Ní ibùdókọ̀ tí èrò kún nìkan ló ṣì ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí fóònù àti íapọ́ọ̀dù àwọn ẹlòmíràn ń jìjàdù ojú ọ̀nà kan náà, ara èrò náà sì ń dí ìgbì.

Ṣùgbọ́n nínú yàrá, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í já nígbà tó ń wo fíìmù lórí Wáífáì. Bulutúùtù àtijọ́, èyí tó ń gbé orin lórí ọ̀pọ̀ íapọ́ọ̀dù, pín àyè rẹ̀ sí ojú ọ̀nà 79, ó sì ń fò láti ọ̀kan dé òmíràn ní ìgbà 1600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti ìgbà tí oríṣi 1.2 ti jáde ní 2003 ni ó ti mọ bí a ṣe ń yẹra fún ojú ọ̀nà tó dí. Wáífáì tó ń lo àyè kan náà máa ń gba nǹkan bí 20 nínú wọn. Èyí kì í sábà ṣe ìṣòro. Ohun tó burú ni pé nínú ọ̀pọ̀ fóònù, Wáífáì 2.4 GHz àti Bulutúùtù ń pín ẹ̀rọ rédíò kan náà lò, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Bí Wáífáì bá ń fa fíìmù ńlá wọlé, ìpín Bulutúùtù á kéré.

Bí a ṣe mọ̀ ni pé a kọ́kọ́ da fíìmù kan sí orí fóònù, a pa Wáífáì, a sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kò já. A tan Wáífáì, a sì jẹ́ kó máa da fíìmù mìíràn sílẹ̀ lẹ́yìn: ó já. Bí ẹ̀rọ Wáífáì yín bá ní `5 GHz`, ẹ yàn án, ọ̀ràn náà á lọ. Tirẹ̀ kò ní in, nítorí náà dátà inú síìmù ló ń lò bó bá fẹ́ wo fíìmù, kò sì fẹ́ràn owó tó ń jẹ́.

Àwọn olólùfẹ́ orin tó dán mọ́rán á rí wàhálà kejì. Ìlànà ìfúnpọ̀ tí wọ́n ń pè ní LDAC lè fi 990 kbps ránṣẹ́, èyí tó ju ìlọ́po méjì ohun tí SBC ń rán lọ. Ohun púpọ̀ láti rán túmọ̀ sí àyè díẹ̀ láti tún èyí tó sọnù rán. Nínú Android, ẹ fọwọ́ kan `Build number` nígbà méje, `Developer options` á ṣí, ẹ lọ sí `Bluetooth Audio Codec`, ẹ yan `SBC` tàbí `AAC` kí ẹ sì rìn jáde. Bí ohùn kò bá já mọ́, ẹ ti rí i.

Àyè tí wọ́n ń pè ní ti géèmù lórí àwọn íapọ́ọ̀dù kan ń ṣe òdìkejì: ó ń dín dúróọ̀mù kù. Ohùn á yá, á sì tètè já. Oríṣi tuntun tí wọ́n ń pè ní LE Audio, pẹ̀lú ìlànà LC3, ń gbìyànjú láti dín pípẹ́ náà kù láìsí kí ohùn máa já, ṣùgbọ́n fóònù àti íapọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ní in. Bí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ má ṣe gba pé ó ní in nítorí pé wọ́n kọ Bluetooth 5.3 sára páálí rẹ̀. Ẹ wá `LE Audio` tàbí `LC3` gan-an.