Àmì Mirai nínú àkọsílẹ̀ ráútà

'''Mirai''' jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà aṣèpalára tó kọ́kọ́ hàn ní ọdún 2016. Ó máa ń wọ inú kámẹ́rà aṣọ́lé, ráútà àti àwọn ẹ̀rọ kékeré mìíràn tí wọn kò tíì yí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tó bá wọn ti ilé-iṣẹ́ wá padà. Ẹ̀rọ náà á ṣì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà onílé kì í tètè fura; dátà tó ń yára tán ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí. Ní ìparí ọdún 2016, Daniel Kaye, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ láti kọlu ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Lonestar ní Làìbéríà. Ilé-ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 32 ní ọdún 2019.

== Bí àmì náà ṣe ń hàn ==
Ẹ̀rọ tí Mirai bá ti gbà kì í sinmi. Ó ń wá ẹ̀rọ mìíràn tí yóò ràn. Ó máa ń kan ìlẹ̀kùn àwọn àdírẹ́sì tí kò bá pàdé rí, ní ẹnu-ọ̀nà 23, tí a ń gbà wọ inú ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́wàá, ẹnu-ọ̀nà 2323 ni yóò kàn. Bí kámẹ́rà kan bá ní àdírẹ́sì 192.168.1.23 nínú ilé, àkọsílẹ̀ ráútà lè rí báyìí:

```
02:14:07 192.168.1.23 -> 203.0.113.77:23 SYN
02:14:07 192.168.1.23 -> 198.51.100.9:23 SYN
02:14:07 192.168.1.23 -> 192.0.2.140:2323 SYN
```

SYN ni kíkan ìlẹ̀kùn náà. Àjèjì mẹ́ta ni kámẹ́rà kàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní aago méjì òru, láìsí èsì kankan.

Nínú kóòdù Mirai tó di mímọ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2016, nǹkan bí ìgbà 160 ni ẹ̀rọ ń kan ìlẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, báìtì 40 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ báìtì 6,400, tó máa di nǹkan bí mẹ́gábáìtì 553 láàárín wákàtí 24. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra dátà ní gígábáìtì kọ̀ọ̀kan ní Àgọ́-Ìwòyè yóò pàdánù odindi kan láàárín ọjọ́ méjì, kó tó wo fídíò kankan. Dátà tó ń jáde ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń wọlé.

Fóònù tó ń fi àwòrán pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóru náà máa ń rán ọ̀pọ̀ dátà jáde. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì díẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ní ẹnu-ọ̀nà 443, ó sì ń dákẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

== Ìdíwọ́ àti àtúnṣe ==
Ọ̀pọ̀ ráútà ilé kì í kọ ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àpapọ̀ dátà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lò nìkan ni wọ́n ń fi hàn. Níbẹ̀, àmì tó ṣẹ́kù ni kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni kò wò, tí iye tó rán jáde sì ju èyí tó gbà wọlé lọ fíìfíì. Bó bá jẹ́ ráútà fúnra rẹ̀ ni Mirai gbà, kò sí ẹ̀rọ inú ilé tí àkọsílẹ̀ yóò tọ́ka sí; iye dátà tó lọ kàn máa ju àpapọ̀ tàwọn ẹ̀rọ ilé lọ ni.

Inú ìrántí ìgbà díẹ̀ ni Mirai ń gbé, nítorí náà pípa ẹ̀rọ kí a sì tún tàn án máa ń lé e jáde. Àmọ́ àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ráútà náà máa ń parẹ́ bí wọ́n bá pa ráútà, èyí ló fi yẹ kí a kọ́kọ́ dà á kọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni a ó yọ kámẹ́rà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a ó pa á, a ó tàn án, a ó sì yí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀ padà kí a tó dá a padà. Bí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn tí Mirai ti gbà lè tún ràn án láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kíkan ìlẹ̀kùn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀.