Ọwọ́, Abẹ́rẹ́ àti Jíìkì: Ohun Tó Yẹ Kí Wọ́n Kọ́ Nọ́ọ̀sì Ọgísílárì

Bí ẹ bá wọ ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàdàn tàbí ní Ìkòròdú láàárọ̀, ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn yín kì í sábà ṣe dókítà. Nọ́ọ̀sì ọgísílárì ni. Òun ni yóò wọn ìfúnpá yín, òun ni yóò tẹ́ ibùsùn, òun ni yóò da ìtọ̀ aláìsàn nù, òun náà ni yóò kó abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò lánàá jáde. Àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Nàìjíríà kò kà á mọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹnu iṣẹ́ ló ti ń kọ́ iṣẹ́, lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á. Nítorí náà, ìwọ̀nba tí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ́ ọ nípa bí a ṣe ń dènà àkóràn ni gbogbo ohun tí yóò mọ̀, àyàfi bí ètò ẹ̀kọ́ gidi bá wà nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń pín fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ kòkòrò ló fi ń bẹ̀rẹ̀: bakitéríà, fáírọ́ọ̀sì, fọ́ńgọ́ọ̀sì. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìdánwò, wọ́n á sì padà sí wọ́ọ̀dù lọ lo ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo fún ènìyàn mẹ́rin. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ to ẹ̀kọ́ náà, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni màá ní kó tẹ̀ lé. Ibi tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ni ẹ̀kọ́ á máa bá a dé.

Ohun kan gbọ́dọ̀ ṣáájú ọwọ́ o. Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé gbogbo aláìsàn la ó máa ṣọ́ra fún, ìbáà jẹ́ ibà lásán la pe àìsàn rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2014, wọ́n gbé ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Làìbéríà dé lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Obalende, l'Ékòó. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ibà ni wọ́n sì kọ́kọ́ tọ́jú. Kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé Ẹ̀bólà ni, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti kan ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ibùsùn rẹ̀. Bí a bá ka òun náà mọ́ ọn, ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú nínú wọn. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh, tó kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní kúrò nílé ìwòsàn, wà lára àwọn tó kú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ ìtàn yìí yékéyéké kò tún ní máa dúró de èsì àyẹ̀wò kó tó wọ ìbọ̀wọ́ fún ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọwọ́ fífọ̀. Ìgbà márùn-ún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọwọ́ òṣìṣẹ́ mọ́. Ìkíní, kó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ìkejì, kó tó ṣe iṣẹ́ tí ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ kàn, bíi kó tó gún abẹ́rẹ́ tàbí kó tó wẹ egbò. Ìkẹta, lẹ́yìn iṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí omi ara mìíràn ti lè kàn án. Ìkẹrin, lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan aláìsàn tán. Ìkarùn-ún, lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kan ohun tó yí aláìsàn ká. Ìkarùn-ún yìí ló máa ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Aláìsàn kan á pè é: “Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo dírípù yìí.” Á tún dírípù ṣe, á gbé irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn sókè, á sún tábìlì oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì kọjá sọ́dọ̀ ọmọ ọwọ́ tó wà ní ibùsùn kejì. Bí ẹ bá bi í léèrè, á ní òun ò fọwọ́ kan aláìsàn kankan. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ irin ibùsùn yẹn ni aláìsàn ti ń dì mú láti àná.

Ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60 ni fífi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; bó bá jẹ́ sànìtáísà ọlọ́tí ni, 20 sí 30. Olùkọ́ lè fi ọ̀dà àwọn ọmọdé, irú èyí tí omi máa ń ṣí, ṣe ìdánrawò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ ìbọ̀wọ́ funfun, kó dijú, kí wọ́n bu ọ̀dà díẹ̀ sí i lọ́wọ́, kó wá ra á káàkiri bí ẹni tó ń fọ ọwọ́. Bó bá lajú, yóò rí ibi tó ṣì funfun. Àtàǹpàkò ni, orí ìka ni, àárín ìka sì ni. Orí ìka yìí kan náà ló máa ń fi wá iṣan aláìsàn.

Ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ kò gùn, ṣùgbọ́n kò gba àṣìṣe. A kì í dá ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí a ti lò. Àpótí tí abẹ́rẹ́ kò lè gún yọ ni ká gbé dání lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí abẹ́rẹ́ lè ti ara aláìsàn bọ́ sínú rẹ̀ tààrà. Bí àpótí náà bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ká pa á dé, ká má kì í mọ́lẹ̀. Ẹni tí abẹ́rẹ́ sábà máa ń gún kì í ṣe ẹni tó fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ nìkan. Ẹni tó gbé àpò ìdọ̀tí ní ọ̀sán, tí abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn jù síbẹ̀ gún un ní itan, náà wà níbẹ̀, ọgísílárì ló sì máa ń jẹ́.

Bí ó bá wá gún un ńkọ́? Kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀. Kó má fún un, kó má sì da jíìkì sí i. Kó sọ fún mètírọ́nì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì kò wúlò mọ́ bí wákàtí 72 bá ti kọjá, bó bá sì ti yá tó ló dára tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó. Ẹ̀rù éèdì ló máa ń kọ́kọ́ ba gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, nínú 1,000 ènìyàn tí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò náà gún, bíi 3 ló ń kó o bí wọn ò bá lo oògùn. Ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì: nínú 100 tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó lè mú 6, ó sì lè mú tó 30. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gba àjẹsára náà, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba àkọ́kọ́ kó tó wọ wọ́ọ̀dù rárá, kí ilé ìwòsàn tó gbà á sì san owó rẹ̀. Mi ò rí ìdí tí a ó fi ní kí ọmọ tí a kò tíì máa sanwó oṣù fún lọ wá a fúnra rẹ̀.

Jíìkì ni màá fún ní àkókò jù, torí òun ni gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ̀. Ní ilé ìwòsàn kéékèèké, wọ́n á da ìdérí kan tàbí méjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, yóò máa rùn, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Òórùn kọ́ ló ń pa kòkòrò. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí, omi kilorínì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.5 nínú 100 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bí ara ìgò bá kọ ọ́ pé 3.5 ni agbára jíìkì náà, ẹ pín 3.5 sí ọ̀nà 0.5, yóò fún yín ní 7. Ẹ yọ 1 kúrò, ó ku 6. Ìyẹn ni pé ife jíìkì kan yóò gba ife omi mẹ́fà. Kò sí ìyàtọ̀ bóyá ife ni o tàbí agolo mílíìkì, bí ohun kan náà la bá fi wọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan da mílílítà 50 sínú omi lítà 10. Agbára ohun tó pò jáde kò ju bíi 0.017 lọ. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po 29 rẹlẹ̀ sí ohun tó yẹ kó jẹ́. Aláìsàn ń gbóòórùn rẹ̀, ilẹ̀ ń dán, kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ sì lè wà níbẹ̀ láàyè. Bí a bá fẹ́ kún bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 10 náà bó ṣe yẹ, jíìkì tó dín díẹ̀ sí lítà kan ààbọ̀ ni yóò gbà, owó ńlá sì ni. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí wọ́n máa pò ó níwọ̀nba: agolo kan sí mẹ́fà nínú ike tó ní ìdérí, tí oòrùn kò ní ta sí, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára. Bó bá di ọjọ́ kejì, kí wọ́n dà á nù, torí agbára rẹ̀ ti ń lọ. Omi tútù ni ká fi pò ó, ká má sì pò ó mọ́ oògùn ìfọlé-ìgbẹ̀ tó ní ásíìdì, nítorí èéfín tí yóò jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ká ní obìnrin kan bímọ láago márùn-ún ìdájí, tí ẹ̀jẹ̀ sì dà sílẹ̀, tó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ á ṣe ni kí wọ́n da jíìkì lé e lórí, kí wọ́n sì nù ún. Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń gba agbára kilorínì tán kó tó kan kòkòrò tó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti épírọ́ọ̀nù, kó fi bébà tàbí aṣọ tó máa fa omi kó ẹ̀jẹ̀ náà, kó jù ú sínú àpò ìdọ̀tí eléwu. Lẹ́yìn náà kó fi ọṣẹ àti omi fọ ilẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ló kan omi kilorínì 0.5. Kó jẹ́ kó tutù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kó tó fi omi ṣàn án. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 10 yìí ni wọ́n kì í fẹ́ gbọ́, torí aláboyún mìíràn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ náà kan irin ìgbẹ̀bí pẹ̀lú. Àwọn ìwé àtijọ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ sáásì àti fọ́sẹ́ẹ̀pù sínú kilorínì kí wọ́n tó fọ̀ wọ́n. Láti ọdún 2016, ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́: ó ń jẹ irin, ẹ̀jẹ̀ sì ń pa agbára rẹ̀. Ọṣẹ àti omi ni kó ṣáájú, lẹ́yìn náà la ó gbé e lọ sínú ẹ̀rọ amúná tó ń pa kòkòrò. Olùkọ́ tó bá ṣì ń fi ìwé rẹ̀ àtijọ́ kọ́ni yóò kọ́kọ́ tún un ṣe.

Ìdánwò rẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ti orí ìwé. Ẹ gbé ìgò mẹ́ta síwájú akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ife kan àti omi. Ìgò kìíní, 3.5 ló wà lára rẹ̀. Ìkejì jẹ́ 5. Ẹni tó há “ọ̀kan sí mẹ́fà” sórí yóò da omi mẹ́fà sí èyí náà, ẹni tó yé yóò da mẹ́sàn-án. Ìgò kẹta kò ní lébẹ́ẹ̀lì kankan; irú èyí tí wọ́n ń bù tà lọ́jà sínú ìgò omi ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò fún un ti pàdánù máàkì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìgò náà padà fún mètírọ́nì, kó sì sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ Ma, mi ò mọ bí èyí ṣe lágbára tó, mi ò lè lò ó.”